Bí mo ṣe mọ̀ pé eré sísá ti ń pọ̀ jù fún ara mi

Máráthọ́nì Èkó tó máa ń wáyé lóṣù Fẹ́búárì ni mo ń múra fún, mo wá ń kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ láràárọ̀ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: iye ìgbà tí ọkàn mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan, nọ́ńbà HRV tí aago ọwọ́ mi gbé jáde, bí mo ṣe sùn sí, àti bí inú mi ṣe rí, èyí tí mo ń fún ní máàkì láti 1 dé 5.

HRV yìí, àlàfo tó wà láàárín ìlù ọkàn kan sí èkejì ló ń wò. Àlàfo yẹn kì í dọ́gba, tára bá ti sinmi dáadáa ìyàtọ̀ ẹ̀ máa ń pọ̀, tó bá ti rẹ ara ó máa ń dín kù. Ẹ má fi tiyín wé tẹlòmíì o, ti ẹnì kan lè jẹ́ 35 kára ẹ̀ sì le koko. Èmi kọ́kọ́ sáré jẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n lè mọ tèmi: ìlù ọkàn 52, HRV bíi 60. Àròpín ọjọ́ méje ni mo sì ń wò, torí ti ọjọ́ kan ṣoṣo lè tan èèyàn jẹ.

Ìgbà tí mo fi kún kìlómítà, inú mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Máàkì já láti 4 sí 2, gbogbo nǹkan ń bí mi nínú, bẹ́ẹ̀ ìlù ọkàn ṣì wà ní 53. Lẹ́yìn náà ni oorun bàjẹ́, á rẹ̀ mí tẹnutẹnu àmọ́ aago mẹ́ta òru ojú mi ti là. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àròpín ìlù ọkàn wá gòkè sí 58, HRV sọ̀ kalẹ̀ sí 47.

Nílẹ̀ wa níbí ibà lèèyàn á kọ́kọ́ rò, àmọ́ ibà sábà máa ń gbé ìlù ọkàn sókè lójijì pẹ̀lú ara gbígbóná, tèmi ń yọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ṣáà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, kò sí ibà. Alẹ́ tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ tí fáànù kú, tí ooru wá ń pa mí, mo máa ń fàmì sí i kí n má kà á mọ́ àròpín, torí ooru nìkan lè gbé ìlù ọkàn sókè, ọtí náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wá dá eré dúró, mo kàn ń rìn. Oorun ló kọ́kọ́ padà, inú mi tẹ̀ lé e, HRV ló pẹ́ jù, ìgbà tó sún mọ́ 60 ni mo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì iye kìlómítà tí mo ń sá tẹ́lẹ̀.

Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé nígbà míì ìlù ọkàn á lọ sílẹ̀, HRV á ga, aago á ní ara yín dá ṣáṣá, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ò ní gbé. Ẹsẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sì sinmi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí nǹkan ò yí padà, ẹ lọ rí dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń fa irú àárẹ̀ yẹn.