Iye Típà Tí Yóò Kó Yẹ̀pẹ̀ Kòtò Ẹja Yín Tán

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kòtò ẹja sí ilẹ̀ rẹ̀ ní Akóbọ̀, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọmí-Adió sábà máa ń ṣírò owó típà báyìí: á wọn kòtò, á wọn àpótí típà, á sì pín ti kòtò sí ti àpótí. Nígbà tí típà bá kó iye tó ṣírò tán, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ gègèrè. Owó ti tán lápò, dírẹ́bà ń sọ pé ó ku tíríìpù márùn-ún, onílé sì gbà pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnìkan jẹ. Yẹ̀pẹ̀ ló wú.

Ilẹ̀ tí ọwọ́ ò tíì kàn ti ki mọ́ra láti ọdún gbọọrọ. Bí díígà tàbí kàtàpílà bá ti tú u, ó di ògúlùtu àti ẹ̀rúnrún, afẹ́fẹ́ á sì wọ àárín wọn. Ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ò yí padà, àyè tó ń gbà ló pọ̀ sí i. Yanrìn kì í wú púpọ̀, bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ilẹ̀ pupa alámọ̀ tó pọ̀ nílùú Ìbàdàn lè wú tó 25 sí 35. Àpáta tí wọ́n fọ́ lè wú ju 50 lọ, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ àdúgbò wa, ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ jìn díẹ̀ á bá òkúta pàdé. Nítorí náà, ohun tó jáde lókè kòtò lè má wú tó èyí tó jáde nísàlẹ̀.

Ẹ má fi ẹnu sọ iye tí ilẹ̀ yín ń wú, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ike ọ̀dà onílítà 20. Ẹ fi ìgò lítà kan bu omi sínú rẹ̀ nígbà ogún, kí ẹ sì sàmì síbi tí omi dé, torí pé ike náà máa ń gbà ju ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ há koríko àti ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, kí ẹ gbẹ́ ihò kékeré kan: sẹ̀ǹtímítà 50 ní gígùn, 50 ní ìbú, 50 ní jíjìn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún dáadáa. Lítà 125 ni ihò náà. Ẹ wá fi ike wọn gbogbo yẹ̀pẹ̀ tó jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn fi igi gé e kó dọ́gba pẹ̀lú àmì. Ká ní ike 8 kún, tí ìkẹsàn-án sì ní lítà méjì ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 162.5. Ẹ pín in sí 125, ẹ ó rí 1.3. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo 1 tí ẹ bá gbẹ́ á di 1.3 nínú típà.

Ẹ jẹ́ ká mú kòtò kan tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 6, tó sì jìn ní mítà 1.5, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gbọn-in. Mítà kúbíìkì 90 ni, ìyẹn ni pé àpótí 90 tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà kan ló wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń wú bíi ti òkè yìí, 90 lọ́nà 1.3 jẹ́ 117. Iye tí típà máa gbé nìyẹn, kì í ṣe 90.

Ó wá ku típà fúnra rẹ̀. Inú àpótí ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ara rẹ̀ lóde, kí ẹ sì rí i pé kò sí ògúlùtu àná tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Àpótí tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní 2, tó ga ní 0.75 á gba mítà kúbíìkì 6 bó bá kún dé etí. 117 tí a pín sí 6 jẹ́ 19.5, tíríìpù 20 nìyẹn. Ẹni tó pín 90 sí 6 ti fi ọkàn sí 15. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n típà kì í sábà kún dé etí lásán. Bí ìyá oníGàrí ní Bódìjà ṣe ń bu kóńgò tó sì ń rọ òkè lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún yẹ̀pẹ̀. Òkè yẹn ṣeé wọ̀n. Ẹ gbé igi tó gún lé ṣóńṣó rẹ̀ kó dọ́gba, kí ẹ fi téèpù wọ̀n láti abẹ́ igi dé etí àpótí. Ká ní mítà 0.5 ni, tí òkè náà sì dà bí òrùlé ilé tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, tó ti etí gbogbo bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìbú, 2, lọ́nà 0.5, ó jẹ́ 1. Ẹ fi gígùn, 4, lọ́nà 3, ó di 12. Ẹ yọ ìbú kúrò, ó ku 10. Ẹ fi 1 lọ́nà 10, kí ẹ pín in sí 6: ó jẹ́ bíi 1.67. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó kan péré ló wà láàárín, kò ju 1.33 lọ. Òkè tó dà bí òrùlé á sọ ẹrù náà di 7.67, tíríìpù 16 á sì kó gbogbo rẹ̀ tán. Kí típà tó gbéra ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, torí gbọ̀ngàngbọ̀ngàn ojú ọ̀nà máa ń tẹ òkè náà wálẹ̀.

Bí ẹ ò bá lè dúró ti típà láti àárọ̀ dalẹ́, kòtò náà á jẹ́rìí fún yín. Típà tó kún dé etí, tó gba 6, mítà kúbíìkì 4.6 péré ló gbé kúrò nínú kòtò, torí 6 tí a pín sí 1.3 nìyẹn. Lẹ́yìn tíríìpù 5, 23 ló yẹ kó ti jáde. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ojú kòtò dọ́gba, tí kò sì sí yẹ̀pẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, jíjìn rẹ̀ á ti tó bíi sẹ̀ǹtímítà 38. Tó bá jẹ́ olókè ni wọ́n ń gbé, á ti sún mọ́ 49. Bí dírẹ́bà bá sọ pé, "Mọ̀mí, gbogbo ẹ̀ ló kún," tí ẹ wọn kòtò tí ẹ rí 30, ẹrù náà ò kún tó bó ṣe sọ.

Ẹ má sì fi dandan lé òkè. Mítà kúbíìkì kan yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n ti tú lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.4, nígbà òjò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrù 7.67 yẹn á ti lé ní tọ́ọ̀nù 10. Típà tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ sípíríìnì, tàbí kí bíréèkì rẹ̀ má mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìbàdàn. Ẹ béèrè iye tọ́ọ̀nù tó lè gbé kí ẹ tó bá a dúnàá-dúrà. Amọ̀ tútù náà máa ń lẹ̀ mọ́ àpótí, tí wọn ò bá há a, tíríìpù tó tẹ̀ lé e á dín kù. Ẹ bá dírẹ́bà sọ ibi tó máa dà á sí pẹ̀lú, kó má baà jẹ́ etí odò Ọ̀nà tàbí Ògùnpa, níbi tí yóò ti dí omi lọ́nà.

Kí ẹ tó pe típà rárá, ẹ ya èyí tí ẹ ó fi mọ odi kòtò sọ́tọ̀. Ilẹ̀ pupa alámọ̀ ló dára fún un, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò. Ẹ máa tẹ́ ẹ ní ìpele bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ máa fi igi gún un kó ki. Tí a bá fi 15 nínú 90 náà ṣe odi, 75 ló kù. Ó máa wú di 97.5, tíríìpù tó kún dé etí á sì ti kúrò ní 20, á di 17.