Má fi owó báńkì nìkan ṣí ìwé oníbàárà tuntun: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ká ní Mopa lẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí oníbàárà yín sì wà ní Ìyàrà tàbí Kàbà, tí ẹ ń bá a tọ́jú ìwé owó rẹ̀ láì máa dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Iṣẹ́ oṣooṣù kọ́ ló sábà máa ń ba irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á gba sítétímẹ́ǹtì báńkì, á ṣí QuickBooks Online tàbí Zoho Books, á kó gbogbo ìlà rẹ̀ wọlé, á ní ìwé ti dúró. Kò tíì dúró. Owó tó wọlé àti owó tó jáde ni báńkì mọ̀. Kò mọ ẹni tó jẹ olówò náà ní gbèsè, kò mọ ẹni tí òun náà jẹ, kò sì mọ ohun tó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí.

Ẹ jẹ́ ká fi baba kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjùmú ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló ń tà á fún. Ó fẹ́ kí ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì. Ọjọ́ náà dára, nítorí kajú kò tíì máa wọlé dáadáa, yàrá ìkẹ́rùsí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, kíka ẹrù kò sì ní gba àkókò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníbàárà kajú bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Kẹta bí ẹ bá lè yẹra fún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, ₦1,850,000 wà ní báńkì, ₦120,000 wà lọ́wọ́. Baba ti fún àwọn àgbẹ̀ ní ₦640,000 sílẹ̀ lórí kajú tí wọn kò tíì ká. Àpò òfìfo àti òṣùwọ̀n rẹ̀ tó ₦700,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,310,000. Àmọ́ ₦1,500,000 nínú owó báńkì yẹn, ilé-iṣẹ́ Èkó ló fi ránṣẹ́ ní òpin oṣù kí ó lè fi ra kajú fún wọn. Gbèsè ni títí ẹrù á fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó òkòwò baba gan-an wá jẹ́ ₦1,810,000.

Ẹni tó fi báńkì nìkan bẹ̀rẹ̀ á kọ ₦1,850,000 sílẹ̀ bí owó òkòwò. Ẹ wò ó, ₦40,000 péré ni ìyàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi fura: iye náà jọ òótọ́, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní oṣù Kejì àwọn àgbẹ̀ á kó kajú ₦640,000 wá, owó kankan kò sì ní jáde ní báńkì, nítorí náà ìrajà yẹn kò ní sí nínú ìwé. Ní oṣù Kẹta baba á kó ẹrù ₦1,500,000 lọ sí Èkó, owó kankan kò sì ní wọlé, nítorí náà ìtajà yẹn náà á sọnù. Èrè á fi ₦860,000 dín sí bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá sì ti kọ ìwé owó ọjà fún Èkó, ₦1,500,000 á máa hàn lọ́dọọdún bí gbèsè tí wọ́n jẹ baba, títí baba á fi lọ máa bínú sí ẹni tó ti sanwó.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí áàpù kankan, ẹ pe oníbàárà. Ẹ má fi fọ́ọ̀mù gígùn ránṣẹ́ sí àgbàlagbà lórí Wọ́sáàpù. “Òkun o, Bàbá. Ta ló ti fún yín lówó tí ẹ kò tíì kó ẹrù fún? Ta lẹ fún lówó tí kò tíì kó ẹrù wá? Kí ló wà nílẹ̀ lónìí?” Ìbéèrè mẹ́ta yìí ń mú ohun tí sítétímẹ́ǹtì kò lè sọ jáde. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ padà kí ó lè fọwọ́ sí i.

Àṣìṣe kejì jọ ti àkọ́kọ́: gbogbo àláàtì ni ìtajà. Ilé-iṣẹ́ Èkó tún fi ₦4,000,000 ránṣẹ́ ní oṣù Kejì, ẹ sì kọ ọ́ sí ìtajà. Oṣù Kejì á fi èrè ńlá hàn, oṣù Kẹta á fi àdánù ńlá hàn, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò yí padà nínú òwò náà. Ẹ ṣí àkáǹtì kan lábẹ́ gbèsè, ẹ pè é ní “Owó àsansílẹ̀ Èkó”, kí owó náà dúró síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọn ẹrù ní Èkó tí wọ́n sì gbà á ni ìtajà ṣẹlẹ̀, iye kílò tí wọ́n gbà ni ẹ ó sì kọ, kì í ṣe iye tó kúrò ní Ìyàrà. Bí 5,000 kílò bá kúrò tí wọ́n sì gba 4,850, ìwé òṣùwọ̀n wọn ni ẹ̀rí yín. Ẹ ní kí awakọ̀ ya àwòrán rẹ̀ kó tó padà.

Ẹ ṣọ́ra fún àkáǹtì tí QuickBooks ń pè ní `Opening Balance Equity`. Áàpù náà ló ń fúnra rẹ̀ ju apá kejì iye ìbẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ gbogbo ohun ìní àti gbèsè tán, iye tó kù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦1,810,000 tí ẹ ti ṣírò lórí ìwé. Bó bá bá a mu, ẹ gbé e lọ sí owó òkòwò, kí ibẹ̀ padà sí òdo. Bí kò bá bá a mu, ẹ má gbé e. Ẹ wá ohun tẹ́ ẹ gbàgbé.

Lórí fáìlì báńkì: bí ẹ bá ń fi CSV wọlé, ẹ wo bí áàpù ṣe ń ka ọjọ́. `03/02` lè di ọjọ́ 2 oṣù Kẹta dípò ọjọ́ 3 oṣù Kejì, áàpù kò sì ní kìlọ̀ fún yín. Ọjọ́ tó bá ju 12 lọ nìkan ni á kọ̀, nítorí náà bí ìlà kan bá wọlé tí òmíràn kọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má gba pásíwọọ̀dù tàbí nọ́ńbà àṣírí báńkì oníbàárà láé, kódà bí baba bá ní “ìwọ ṣá ti di ọmọ mi.” Ẹ ní kí báńkì máa fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó máa darí rẹ̀ sí yín. Bí owó bá sọnù lọ́jọ́ kan, orúkọ yín kò ní sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ oṣooṣù wá rọrùn lẹ́yìn èyí. Nígbà tí oṣù bá parí, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì, ẹ tẹ iye ìparí rẹ̀ sí ojú ìwé `Reconcile`, ẹ fi àmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan títí `Difference` á fi di `0.00`. Ẹ wá wo àkáǹtì owó àsansílẹ̀ Èkó àti ti àwọn àgbẹ̀, kí ẹ ka iye méjèèjì fún baba lórí fóònù. Bó bá ní “rárá, àwọn àgbẹ̀ ti kó tiwọn wá,” ẹ ṣe àtúnṣe kí ẹ tó fi àbọ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `Close the books` ti oṣù yẹn pa. Bí rìsíìtì oṣù Kejì bá yọjú ní oṣù Kẹrin, oṣù tó ṣí ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé ibẹ̀ ló wà.