Lẹ́tà tó gba àṣẹ sípúrẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ bírókà

Bírókà ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti fọwọ́ sí lẹ́tà wa àkọ́kọ́, torí pé "ààbò owó" ni àfojúsùn tó wà nínú fọ́ọ̀mù àkáǹtì, nígbà tí lẹ́tà ń tọrọ sípúrẹ́ẹ̀dì ọ́pṣọ̀n, ìyẹn kí èèyàn ta ọ́pṣọ̀n kan kó sì ra òmíràn pọ̀ mọ́ ọn. Òfin 2360 ti FINRA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn bírókà ní Amẹ́ríkà, ló ní kí wọ́n yẹ àfojúsùn, ìrírí àti owó oníbàárà wò. Fọ́ọ̀mù la kọ́kọ́ tún ṣe, a sì rí i pé dọ́là 2,000 ó kéré tán wà nínú àkáǹtì májìnì, ìyẹn àkáǹtì tí bírókà ti lè yáni lówó. Lẹ́tà tuntun wá sọ ojú abẹ níkòó:

"Mo ti ta kọ́ọ̀lù lórí ṣíà tí mo ní nígbà 26 láàárín oṣù 18. Sípúrẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ báyìí, kí àdánù lè ní òdiwọ̀n: bí àlàfo bá jẹ́ dọ́là 5 lórí ṣíà kan, tí mo gba dọ́là 1.20, dọ́là 380 ni àdánù tó pọ̀ jù lórí kọ́ńtíráàtì kan tó jẹ́ ṣíà 100."

Ẹ má bù mọ́ iye ìgbà tí ẹ ti ṣòwò o. Àkọsílẹ̀ wà níwájú wọn.