Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa PS4 níbi tí iná bá ti ń lọ, tí ó ń bọ̀

Nínú àṣìṣe tí àwa tí a ń gbá géèmù ní Àkúrẹ́ máa ń ṣe, èyí tí ó ń fa àdánù jù ni kí a fi PS4 sí Rest Mode, kí a sì dìde lọ jẹun bí ẹni tí ó ti pa á. Ẹ̀rọ náà kò kú, ó kàn ń tòògbé ni. Ibi tí a bá eré dé kò tíì wọ inú dísìkì. Inú mẹ́mórì tí iná ń gbé ró ni ó ṣì wà, bí iná bá sì ti lọ, ó di àwátì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Alágbàká gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta láìfi wọ́n pamọ́, ó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí Rest Mode nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é sí iyán. Kí ó tó ṣan ọwọ́ tán, iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tí ó tan ẹ̀rọ náà, ó sọ fún un pé wọn kò pa òun bí ó ti yẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ dísìkì wò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta náà nìkan ni ó pàdánù, orí ló sì kó o yọ, nítorí pé bí iná bá lọ nígbà tí àmì ìfipamọ́ ṣì ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n, fáìlì àtijọ́ pàápàá lè bàjẹ́. Bí PS4 bá ń fà lẹ́yìn irú èyí, ẹ pa á, ẹ di bọ́tìnnì rẹ̀ mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 7 títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì yan Rebuild Database. Ẹ má ṣe yan Initialize PS4, nítorí pé ńṣe ni yóò nu gbogbo rẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn ni pé a gbójú lé sitẹbiláísà. Kò ní báńtìrì, nítorí náà kò lè gba eré kankan là. Bí iná bá wà ní fóólítì 150, tí sitẹbiláísà ń gbé e sókè sí 220, tí iná sì fò sí 240 lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó jáde lè súnmọ́ 350 fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó tó yí padà. Ọ̀pọ̀ PS4 ni a sì kọ 100 sí 240 sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé iná tí ó rẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ gan-an, bí kò ṣe èyí tí ó dé pẹ̀lú agbára. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì dúró fún bí ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn tí ó bá dé. UPS ni ó ní báńtìrì tí yóò fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi eré pamọ́, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kì í ṣe láti máa gbá a lọ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da fáìlì eré yín kọ sórí fíláàṣì láti Application Saved Data Management nínú Settings. Àwọn tí ó ní PS5 kò ní àǹfààní yìí fún géèmù PS5. Inú àpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí PlayStation Plus ń fúnni, tí a ń sanwó fún, ni tiwọn máa ń lọ.