Káàdì tí kò gba èlé: ibi tí ẹ ti ń fowó ṣòfò

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi. Àwọn tó jẹ gbèsè káàdì kírédíìtì ní Amẹ́ríkà ni mò ń bá to ìwé wọn. Oṣù kan kì í lọ kí ẹnì kan má gbé káàdì tuntun wá, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bánkì yìí ní kí n kó gbèsè káàdì àtijọ́ mi wá sórí káàdì tiwọn, àwọn ò ní gba èlé lórí rẹ̀ fún oṣù 15. Mo ti bọ́ nìyẹn." Bọ́ kẹ̀? Ẹ jókòó ná. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ pé bí mo bá ti fa ẹ̀rọ ìṣírò yọ, kí wọ́n tètè wá ibi gbà.

1. Ẹ ò ka owó tí wọ́n fi ń gba gbèsè yín wọlé. Bánkì tuntun kì í sábà gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń bu 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e lójú ẹsẹ̀. Ká ní 5,000 dọ́là lẹ jẹ, tí káàdì àtijọ́ ń gba èlé 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí ẹ bá lágbára láti san án tán ní oṣù méjì, èlé rẹ̀ ò ju nǹkan bí 150 dọ́là lọ. 3 nínú ọgọ́rùn-ún 5,000 náà, 150 ni. Kí lẹ wá ń kó o kiri fún? Tó bá jẹ́ 5 ni wọ́n ń gbà, ẹni tó lè san tirẹ̀ tán ní oṣù mẹ́rin ò jèrè nǹkan kan. Ẹni tí apá rẹ̀ ò lè tètè ká gbèsè ni èyí wà fún. Bó bá jẹ́ 3 ni wọ́n gbà, gbèsè náà á di 5,150. Bó bá ń san 344 lóṣooṣù, oṣù 15 ni 5,150 á tán. Lórí káàdì àtijọ́, 344 yẹn kan náà á wọ oṣù 18 kó tó tán, èlé rẹ̀ á sì lé ní 900. Nǹkan bí 800 dọ́là lẹ gbà là.

2. Ẹ̀ ń san iye tó kéré jù tí bánkì kọ síwájú yín. Ẹ fi iye oṣù pín gbèsè, kí ẹ san ìyẹn.

3. Ẹ̀ ń fi káàdì náà rajà! Èyí ló ń mú mi sọ̀rọ̀ nìkan lójú ọ̀nà. Èlé òdo tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn, ti gbèsè tí ẹ kó wá ni. Ọjà tí ẹ bá rà lè ní èlé tirẹ̀. Ẹ lè ní, "Ṣebí bí mo bá san owó ọjà mi lópin oṣù, kò sí èlé?" Bẹ́ẹ̀ ni lórí káàdì tí kò ní gbèsè. Ṣùgbọ́n kí bánkì tó fojú fo èlé ọjà, ẹ gbọ́dọ̀ san gbogbo ohun tó wà lórí káàdì, 5,150 yẹn náà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá san án tán, láti ọjọ́ tí ẹ ti rajà ni èlé ti ń gùn. Àwọn káàdì kan yọ gbèsè tí ẹ kó wá sílẹ̀ nínú ìṣírò yìí, wọn ò pọ̀. Ní 2014, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn bánkì nítorí oníbàárà kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa là á yé àwọn ènìyàn.

Màmá kan bá mi jà lórí èyí. Wọ́n ní àwọn kì í jẹ owó ọjà mọ́jú. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé oṣù wọn sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀: ti gbèsè tí wọ́n kó wá, òdo, ti ọjà, dọ́là márùn-ún àti àbọ̀. Wọ́n ní, "Márùn-ún péré?"

Màmá, márùn-ún kọ́ ló ń dùn mí. 344 tí wọ́n ń san ni. 300 dọ́là ni wọ́n ń fi rajà lóṣù, wọn ò sì fi kún owó tí wọ́n ń san. Òfin káàdì tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2009 ní kí ohunkóhun tó bá lé lórí iye tó kéré jù kọ́kọ́ lọ sórí èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ bí iye tó kéré jù bá jẹ́ 50, bánkì lè mú 50 yẹn síbi gbèsè tí ẹ kó wá, kí 294 yòókù wá gba orí ọjà lọ. Oṣù 15 á pé, gbèsè yẹn á ṣì kù ní nǹkan bí 4,400. Èlé á padà dé, bí 88 dọ́là lóṣù tó bá tún jẹ́ 24. Ẹ ti san 150 láti kó o, ẹ wá gbé e padà sínú iná. Ẹ fi káàdì yẹn sínú àpótí, ẹ fi òmíràn rajà.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ìkarùn-ún, n ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́: ẹ ò lè kó gbèsè láti káàdì bánkì kan lọ sí káàdì mìíràn ní bánkì yẹn kan náà. Wọn ò ní gbà.

Ẹ má sì dá sísan káàdì àtijọ́ dúró nítorí pé ẹ ti kọ̀wé. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí owó tó dé ibẹ̀. Bí ó bá sì ti dé, ẹ tún wo káàdì yẹn ní oṣù tó tẹ̀ lé e, torí èlé àwọn ọjọ́ tó wà láàárín máa ń yọjú nígbà tí ẹ ti rò pé òdo ló wà níbẹ̀. Ó lè má ju 40 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá rí i, owó ìjìyà àìtètè san á gun orí rẹ̀.