Bí mo ṣe há àlọ́ Ìjàpá sínú kátúùnù ìṣẹ́jú méjì

Ṣé ẹ mọ àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo, èyí tí babaláwo se ọbẹ̀ fún Ìjàpá pé kó gbé e lọ fún ìyàwó ẹ̀ kó lè lóyún, tí òun fúnra ẹ̀ wá jẹ ẹ́ lọ́nà? Àlọ́ yẹn kì í tètè tán o. Ìyá àgbà kan, àbúrò ìyá tó bí ìyá mi, ló pa á fún mi lábúlé wa nítòsí Òdógbolú, mo fi fóònù gbà á sílẹ̀, wọ́n sì pa á dáadáa: wọ́n ka àwọn ẹbí ọkọ tó ń fojú Yánníbo gbolẹ̀, wọ́n ka gbogbo ewé àti egbò tí babaláwo já nínú igbó, wọ́n tún wá ń da orin pa dà torí àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ kó tán. Àbúrò mi kan tó ń ya kátúùnù ní Ṣágámù ló ní kí n bá òun sọ ọ́ di ìtàn tóun lè yà. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú méjì ni agbára mi mọ o, ẹ má fi nǹkan kan lé e.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wọn á rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Fúréèmù 24, ìyẹn ojú àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn, ló ń kọjá lójú wa nínú sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo, àwọn tó ń fọwọ́ yà á sì máa ń lo àwòrán kan fún fúréèmù méjì kí iṣẹ́ má baà pa wọ́n, ìyẹn ni pé àwòrán 12 ni sẹ́kọ́ńdì kan. Ìṣẹ́jú méjì á wá di àwòrán 1,440. Tí mo bá ní kí àwọn ẹbí ọkọ wá bú Yánníbo fún sẹ́kọ́ńdì 10 péré, àwòrán 120 ni mo dì rù ú yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tiẹ̀ ní í padà sẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ títí ìtàn á fi parí.

Apá mẹ́ta la sábà máa ń pín irú ìtàn báyìí sí. Nínú apá kìíní a ó mọ ohun tẹ́nì kan ń wá, nǹkan kan á sì ṣẹlẹ̀ tí kò ní í jẹ́ kó lè jókòó sílé mọ́. Apá kejì ni nǹkan á ti máa le sí i lọ́wọ́ ẹ̀, apá kẹta ni ọ̀rọ̀ á ti já síbi tó máa já sí. Apá ààrin ló máa ń gbà jù, bí ìdajì, kí méjì tó kù pín ìyókù, tó túmọ̀ sí sẹ́kọ́ńdì 30, 60, 30 fún tiwa.

Àmọ́ mi ò bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ibi tí mo kọ́kọ́ wá ni ibi tí Ìjàpá ti fọwọ́ ara ẹ̀ fa ọ̀ràn, torí tí n ò bá mọ ibẹ̀, mi ò lè mọ ohun tí mo máa gé. Ibẹ̀ sì rèé, ìgbà tó ki ìka bọ ọbẹ̀ tó fi kan ẹnu. Ó dà bíi pé ó rọrùn, àbí? Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí orin inú àlọ́ yẹn ń sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí ikùn ẹ̀ ti wú tó sáré padà lọ bẹ babaláwo, tí gbogbo èèyàn ń gbè é ní alugbinrin, ohun tó ń kọ ni pé gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, ọwọ́ òun kanlẹ̀, òun wá ṣèèṣì fi ọwọ́ yẹn kan ẹnu. Tí a bá wá yà á bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí gbòǹgbò gbé e ṣubú, kí ọbẹ̀ ta sí i lọ́wọ́, a jẹ́ pé jàǹbá ló ṣe é nìyẹn, kò jẹ̀bi nǹkan kan, ẹni tó ń wò ó á kàn máa káàánú ẹ̀ ni, apá kejì á sì rọ pátápátá torí kò sí ohun tí Ìjàpá pinnu níbẹ̀. Mo bi ìyá àgbà léèrè pé ṣé gbòǹgbò gbé e ṣubú lóòótọ́ ni. Wọ́n wò mí sùn-ùn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni Ahun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Mo fi gbòǹgbò síbẹ̀, gbòǹgbò igi obì ńlá kan tó dábùú ọ̀nà, mo sì jẹ́ kí Ìjàpá gba orí ẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ ní bíi sẹ́kọ́ńdì 34, kó tó di pé ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú rárá. Tó bá wá di apá kẹta tó ń fi orin purọ́ mọ́ gbòǹgbò, ẹni tó ń wò ó ti mọ̀ pé irọ́ ni, kò sídìí kí babaláwo máa ṣàlàyé.

Látibẹ̀ ni mo wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì 4 ni ti orúkọ kátúùnù àti "Àlọ́ o!", ó kù 26 fún apá kìíní. Gbogbo ọ̀rọ̀ àgàn yẹn, ẹbí ọkọ, ọjà, ẹ̀sín, mo kó o sínú ṣọ́ọ̀tì kan, ìran kan tá ò gé láàárín: Yánníbo pọn ọmọ, ó ń jó fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan bá wọlé, ó tú ọmọ ẹ̀ kúrò lẹ́yìn Yánníbo, ó bá tiẹ̀ lọ, ọ̀já nìkan ló kù lọ́wọ́ Yánníbo. Sẹ́kọ́ńdì 8, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ìjàpá wo ọ̀já, ó kó fìlà, ó jáde, 4. Ọ̀dọ̀ babaláwo ni mo fi 14 tó kù sí, mo mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní púpọ̀, torí ìkìlọ̀ yẹn ni òpó apá kìíní. Lẹ́nu apàlọ́, ẹ kàn lè sọ pé babaláwo ní kó má fọwọ́ kàn án, ó ti tán. Nínú kátúùnù, ohun tá a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lè fò wá, ohun tá a rí la máa rántí. Torí náà babaláwo fi ewé bo ẹnu ìṣaasùn, ó fi ìko dì í, ó ta kókó kan tó rí gọngọ, ó wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, "Yánníbo nìkan." Kókó yẹn dára gan-an fún wa, torí nígbàkigbà tí ojú Ìjàpá bá ti lọ síbẹ̀, a ti mọ ohun tó ń rò.

Ti ọbẹ̀ náà, ìfẹ́ ọkàn mi ni ká fi ìkọ́kọrẹ́ ṣe é, ọmọ Ìjẹ̀bú kúkú ni mí. Àmọ́ ìkọ́kọrẹ́ ki, kò lè ṣàn, èmi sì nílò nǹkan tó máa yọ́ jáde lábẹ́ ewé tá a máa rí. Ọbẹ̀ epo la wá lò.

Apá kejì wá lọ báyìí, láti 30 dé 85, torí a ti yọ 5 lára ẹ̀ àti 1 lára apá kẹta fún orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níparí. Ó kọjá lórí gbòǹgbò. Òórùn kọ́kọ́ dé sí i nímú, ó gbójú kúrò. Ẹ̀kán epo kan wá yọ́ láti abẹ́ ewé, ó ń ṣàn lára ìṣaasùn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wálẹ̀, Ìjàpá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú, ó gbé ìṣaasùn sókè kó má baà kán sílẹ̀, bíi pé ó ń ṣọ́ ọ fún ìyàwó ẹ̀ ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tú kókó. Ìka kan ẹnu ní sẹ́kọ́ńdì 58, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àárín gbùngbùn gbogbo ẹ̀. Mo dáàbò bo ibẹ̀ gan-an, torí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìyọnu ikùn ò ní í ráyè, tó bá sì yá jù, a ò tíì rí i tó ń bá ara ẹ̀ jà. Lẹ́yìn ìyẹn ó jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó gbìyànjú láti fi agbádá bò ó, agbádá ò tó, ó bá gba ọ̀nà padà.

Apá kẹta ni orin. Orin la kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó ya ohunkóhun níbẹ̀, torí ẹnu tó ń mì gbọ́dọ̀ bá ohùn mu, ẹ̀yìn ohùn ni àwòrán ń tẹ̀ lé. Ìlà kan pẹ̀lú ègbè ẹ̀ ń lọ sí bíi sẹ́kọ́ńdì 4, bẹ́ẹ̀ sẹ́kọ́ńdì 29 ni gbogbo apá kẹta ní, ìlà mẹ́rin la wá mú: ìbẹ̀bẹ̀, gbòǹgbò, ọwọ́ kan ẹnu, ikùn. 16 nìyẹn, ó ku 13 fún àtubọ̀tán. Àwọn tó ń gbè é ni àwọn tó ń dúró de babaláwo lágbàlá, tí wọ́n kàn ń mi orí, kí iṣẹ́ yíyà lè fúyẹ́.

Kí wọ́n tó ya ojúlówó, àbúrò mi to àwọn àwòrán jákujàku tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú orin àti àkókò tí mo kọ, ohun tí wọ́n ń pè ní animátíìkì. A fi han àwọn ọmọ kan ládùúgbò, a ò sọ nǹkan kan fún wọn. Mo bi ọ̀kan pé kí ló ṣe Ìjàpá, ó ní ó ṣubú. Ẹ rí i, orin ló gbà gbọ́! Ṣọ́ọ̀tì gbòǹgbò ò ju sẹ́kọ́ńdì kan lọ, ojú ọmọ ò tíì bà lé e tó fi kọjá. A sọ ọ́ di 3, a yọ méjì lára jíjẹun, Ìjàpá wá ń gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá, ó tún bojú wẹ̀yìn wo gbòǹgbò náà. Nígbà tí àwọn ọmọ míì wò ó, bí orin ṣe dé ìlà kejì ni wọ́n pariwo pé "Irọ́ ni!" Mo ní ó tó, ẹ máa yà á lọ.

Àtubọ̀tán ló dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí apá kìíní bi wá ni pé ṣé Yánníbo á rí ọmọ gbé, èsì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde kó tó parí. Babaláwo kò wí nǹkan kan, ó kàn na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé. Ìjàpá dé ilé, ikùn ló kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé, Yánníbo wo ìṣaasùn tó ṣófo, ó wo ikùn, ó mú ọ̀já, ó fi di ikùn ọkọ ẹ̀ pinpin. Aládùúgbò kan ń kọjá, ó dúró, ó kí i: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!" Ó parí, sẹ́kọ́ńdì 6 tó kù ni ti orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn, àmọ́ wọn ò gbà. Wọ́n ní ní tiwọn ikùn ẹ̀ bẹ́ ni. Mo ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, sẹ́kọ́ńdì ti tán.