Ẹ yé sanwó nítorí ohun tí ẹ ṣèèṣì pa rẹ́ lórí Instagram

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń rí àwọn oníṣòwò tó ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn wá àtẹ̀jáde tí wọ́n ṣèèṣì pa rẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Láti oṣù kejì ọdún 2021 ni fódà Recently deleted, níbi tí ohun tí ẹ bá pa rẹ́ ń lọ, ti wà lórí Instagram.

Àkọ́kọ́, ẹ má sáré tún fọ́tò kan náà gbé síta. Ọ̀tun ni yóò jẹ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà kọ sábẹ́ ti àkọ́kọ́ kò ní bá a wá. Èyí tí ẹ bá dá padà ló ń kó wọn bọ̀. Àmọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ń padà sí, kì í bọ́ sókè pátápátá, nítorí náà ẹ wá a dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó pariwo pé kò ṣiṣẹ́.

Èkejì, ẹ kọ́kọ́ wo Archive, ibi tí àtẹ̀jáde tí ẹ fi pamọ́ láìpa á rẹ́ ń wà. Ó sún mọ́ Delete lójú ìwé kan náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ohun tó bá wà níbẹ̀ kò ní gbèdéke ọjọ́.

Ẹ wá wo èyí tó ń dùn mí jù. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè pa àtẹ̀jáde kan rẹ́, tí àwọn oníbàárà ti kọ iye ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó bá ẹnì kan pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní òun lè gbà á padà. Ẹni náà gba owó, ó ní kó fi kóòdù tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́, àkáǹtì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòdù tí Instagram lè béèrè kó tó jẹ́ kí ẹ dá nǹkan padà wà láti dènà olè ni. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Bí ó ṣe yẹ kó ṣe é nìyí: kó ṣí ojú ìwé ara rẹ̀ nínú áàpù lórí fóònù, kó tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kó wọ Your activity, kó tẹ Recently deleted, kó mú àtẹ̀jáde náà, kó sì tẹ Restore.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni àtẹ̀jáde àti fídíò fi ń wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá pa rẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, tí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin bá ti kọjá, ó ti lọ nìyẹn, kò sí owó tó lè mú un padà. Story tí kò sí nínú Archive yín kì í ju wákàtí 24 lọ.

Ẹ má tẹ Delete nínú fódà yẹn nítorí pé ẹ fẹ́ tún un ṣe. Kò sí fódà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì wá ọ̀rọ̀ inú DM síbẹ̀, kì í dé ibẹ̀ rárá.